Igi Ààlà Tó Wà Láàárín Omi àti Títì

Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò ní sọ èyí tó jẹ́, torí mo ṣì fẹ́ máa jẹun níbẹ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Orí fóònù ni mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí wọ́n ní àwọn kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá yẹ òṣìṣẹ́ wò, ọ̀gá mi, Àlájà kan tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dun èèyàn ju èébú lọ, gbé ṣíìtì ńlá kan fún mi. Orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka kálukú sì wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù kẹrin. Àwọn ará Ìbàdàn fẹ́ fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan; inú rẹ̀ ni wọn yóò ti máa pe orúkọ. Ẹni tí wọn ò bá pè, kó wá bá wọn ní Ìbàdàn.

Ẹni tó ṣe é ṣáájú mi máa ń fọwọ́ gé e, á tún lẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń bó gbágùúdá. Mo ní èmi ò bó nǹkan kan, mákírò ni mo máa kọ, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé fúnra rẹ̀. Mákírò mi á kọ́kọ́ ṣa orúkọ ẹ̀ka jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà á mú ẹ̀ka kan, á sẹ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ jáde, á dà wọ́n sínú fáìlì tuntun, á fi orúkọ ẹ̀ka náà pe fáìlì, á tọ́jú rẹ̀, á pa á dé, á sì kọjá sí òmíràn.

Wàyí o, ẹ̀ka kan ń jẹ́ Omi/Títì. Ẹ̀ka méjì ni tẹ́lẹ̀ kí àṣẹ tó wá látòkè pé kí wọ́n dà wọ́n pọ̀. Bàbá Omi tó jẹ́ olórí ẹ̀ka omi ò gbà kí Bàbá Títì tó jẹ́ olórí ẹ̀ka títì gbé òun mì, Bàbá Títì náà ò sì gbà. Wọ́n ní kí wọ́n fi "àti" sí i, Bàbá Títì ní ẹni tó bá wà lẹ́yìn "àti" ló ń ru ẹrù. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró láàárín orúkọ méjèèjì yẹn ló parí ìjà. Igi ààlà ni wọ́n ń pè é, bíi pèrègún etí oko.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mú mákírò náà ṣiṣẹ́, àpótí àṣìṣe yọ sójú kọ̀ǹpútà. Àlájà wà lẹ́yìn mi.

"Ṣé ó ń bú ẹ ni?"

Ojú tì mí. N kò ka ohun tó wà nínú àpótí yẹn, mo kàn pa á. Mo rántí ìlà kan tí mo rí nínú fídíò, On Error Resume Next, tó ń sọ fún mákírò pé bó bá kọsẹ̀, kó máa lọ. Mo fi í sókè pátápátá. Mo pa àwọn fáìlì tó ti jáde rẹ́, mo tún mú un ṣiṣẹ́. Kẹ́kẹ́ pa. Fódà kún. Àlájà ní orí mi pé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, n kò wò ó bóyá ẹ̀ka kankan ṣẹ́kù.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n pe ẹ̀ka tẹ̀lé ẹ̀ka, ni ará Ìbàdàn bá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Gbogbo Omi/Títì ṣì wà ní ìdúró. Bàbá Omi ní Bàbá Títì ló gbé fáìlì pamọ́. Bàbá Títì ní ẹni tí ò lè pọn omi fún ìlú, ṣé fáìlì ló máa rí tọ́jú? Èmi ò gbọ́ tiwọn mọ́. Àǹtí tó ń gbálẹ̀ ni mò ń wò. Ẹ̀ka yẹn ló wà, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀. Ó jókòó sórí pèpéle, ó ń béèrè bóyá ọkọ̀ Ìbàdàn lè gba ọ̀nà tí kò ní kòtò.

Mo sọ fún Àlájà pé ọwọ́ mi ló ti wá. Mo yọ ìlà yẹn kúrò, mo ṣí fódà tuntun, mo mú mákírò ṣiṣẹ́. Àpótí yọ. Mo tẹ Debug, tó máa ń tọ́ka sí ibi tí mákírò ti kọsẹ̀. Àwọ̀ yẹ́lò bo ìlà tó ń tọ́jú fáìlì. Mo gbé máòsì lé orúkọ: Omi/Títì. Kọ̀ǹpútà kì í gba irú igi yẹn nínú orúkọ fáìlì. Lọ́jọ́ tí mo fi ìlà yẹn sí i, fáìlì wọn ò ṣeé tọ́jú, mákírò fò ó, ìlà tó tẹ̀ lé e sì pa á dé láìtọ́jú. Mo ní kí mákírò fi igi ìdùbúlẹ̀ rọ́pò rẹ̀ nínú orúkọ fáìlì nìkan. Omi-Títì jáde.

Bàbá Omi yọjú wò ó. "Ta ló wó ààlà wa?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá, nínú ṣíìtì ó ṣì wà ní ìdúró."

Bàbá Omi yẹ ṣíìtì náà wò fúnra wọn kí wọ́n tó gbà. Mo gbé fáìlì fún ará Ìbàdàn, ó sì tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣí.

Nígbà tí wọ́n pe Àǹtí tán, ó ní kọ̀ǹpútà yìí kò mọ aboyún. Mo ní kì í ṣe kọ̀ǹpútà, èmi ni: ó sọ fún mi, n kò kà á. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ rèé. Mo ti fẹ́ máa di ẹrù Ìbàdàn." Ó na ìgbálẹ̀ sí mi. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ṣì kù. Má fo ibì kankan o."