Abẹ́rẹ́ Ìwọ̀n Nínú Ẹlifétọ̀

Láti òwúrọ̀ ni inú ti ń bí Salihat. Ọ̀la ni ìdánwò fíṣíìsì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì tí yóò sì ṣe é nìyẹn. Bó bá tún fìdí rẹmi, ilé ẹ̀kọ́ yóò gba àyè rẹ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú eegun àti iṣan, wọn yóò fi fún ẹlòmíràn. Síbẹ̀, òun náà ni gbogbo ilé ń pè pé kó wá di ẹrù màmá wọn, tó ń padà sí Ìlọrin.

Ìwé rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bá a jà. Ọkùnrin kan dúró lórí ìwọ̀n nínú ẹlifétọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹlifétọ̀ náà ṣe fẹ́ dúró, ṣé nọ́ńbà orí ìwọ̀n yóò lọ sókè ni, àbí yóò wá sílẹ̀? Gbogbo ìgbà tó dáhùn rẹ̀ ló kọ pé yóò wá sílẹ̀, gbogbo ìgbà náà ni olùkọ́ sì fa igi pupa sí i. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀, báwo ni yóò ṣe wúwo sí i?

"Sali! Báàgì yìí ti pọ̀ jù."

Abdulfatah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni. Ó wa mọ́tò láti Matteson, ìlú tó ń gbé, wá gbé màmá lọ sí èápọ́ọ̀tù, ó sì ti ń pàṣẹ láti ìgbà tó ti wọlé.

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti wọ̀n ọ́n. Ogún pọ́ùn géérégé ni. Àwọn onífúláìtì ò gbà kí báàgì ọwọ́ ju ìyẹn lọ."

"Ta ló sọ pé o mọ̀ ọ́n wọ̀n?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń kàwé."

"Ìwé wo? Ṣebí o há a sórí lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé. Wá gbé báàgì, jàre."

"Fatah, fi ọmọ mi sílẹ̀," ni màmá wí lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe ń so ìborùn rẹ̀.

Salihat dìde. Ó gbé báàgì, gbogbo wọn sì jáde nílé. Nínú ẹlifétọ̀, Abdulfatah fa ìwọ̀n oníkọ́ yọ lápò, irú èyí tí gbogbo wọn máa ń fi wọn ẹrù ilé kí wọ́n tó rìnrìn àjò. "Kò sí àsìkò mọ́. Gbé e kọ́ ọ, ká rí i."

Salihat fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè. Ẹlifétọ̀ gbéra láti àjà kọkànlá. Abẹ́rẹ́ wá sílẹ̀ sí méjìdínlógún.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àyè tún wà. O ò tiẹ̀ mọ ìwọ̀n kà."

Kò tíì panu dé tí abẹ́rẹ́ fi padà sí ogún. Ó dúró síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé ìsàlẹ̀, ó fò dé méjìlélógún.

"Kí lo fi kún un?" Ilẹ̀kùn ṣí, Abdulfatah já báàgì gbà, ó tú u sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ju bàtà rírọ̀ kan síta.

"Bàtà mi!" ni màmá ké. Salihat ló rà á fún un, nítorí ẹsẹ̀ tó máa ń wú.

Salihat kò wo bàtà. Ìwọ̀n ló ń wò. *À ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ sókè.* Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dá bàtà padà sínú báàgì, ó gbé e kọ́, ó tún wọ ẹlifétọ̀.

"Ṣé orí ẹ pé? Fúláìtì ń lọ!"

"Ẹ wọlé, àbí kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀."

Wọ́n wọlé. Bí wọ́n ṣe gbéra, méjìlélógún. Láàárín ọ̀nà, ogún. Nígbà tí àjà kọkànlá kù díẹ̀, méjìdínlógún.

"À ń lọ sókè, ó sì ń fúyẹ́," ni Salihat wí. "Báàgì ò yí padà. Bákan náà ni ilẹ̀ ń fà á. Ìwọ̀n kì í ka ìyẹn, agbára tí mo fi gbé e dúró ló ń kà. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ tá a fẹ́ dúró, báàgì ṣì fẹ́ máa lọ. Mo gbọ́dọ̀ fà á ju bó ṣe wúwo lọ kó tó lè dúró."

"Mélòó wá ni?"

Ẹlifétọ̀ ti dúró. Salihat na ìwọ̀n sí i lójú. "Ogún! Ogún tí mo sọ fún yín nínú ilé! Ta ló ń wọn ẹrù nínú ẹlifétọ̀ tó ń rìn?"

"Èmi lò ń jágbe mọ́?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ gbé e fúnra yín."

Ó kúnlẹ̀ fún màmá, màmá sì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúà díẹ̀. Salihat kò bá wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ó jókòó ti ìwé rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìwọ̀n ò ka ju agbára tó ń gbé ẹrù dúró lọ. Ó fa igi sórí ìdáhùn rẹ̀ àtijọ́ títí bébà fi ya. Lábẹ́ ibi tó ya, ó kọ *sókè*, ó sì kọ ìdí rẹ̀. Abdulfatah ń fọn fèrè mọ́tò nísàlẹ̀, ó ń pè é. Kò dìde. Ó ṣí ìbéèrè tó kàn.