Àtẹ́lẹsẹ̀ Ọkọ Mi Nínú Fọ́tò

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń ran aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, ni fóònù mi bá dún. Ọkọ mi ló fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Gàbọ́n, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́. Inú mi dùn kí n tó ṣí i. Mo rò pé ojú rẹ̀ ni mo máa rí. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo bá níbẹ̀.

Ó pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o rí i? Àmì dúdú yẹn ló ń tóbi. Kò dùn mí o."

Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn. Nígbà tí a jọ ń ṣoko ní abúlé Bessé, bó bá ti darí dé, á gbé e lé mi lórí itan, èmi á máa fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún kúrò níbẹ̀. Àmì dúdú kan wà nítòsí gìgísẹ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún, kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Mo máa ń fi àtàǹpàkò ra á bí mo bá ti yọ ẹ̀gún tán, òun á sì máa fa ẹsẹ̀ rẹ̀, á ní mò ń pa òun lẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rí nínú fọ́tò kì í ṣe hóró bàbà mọ́.

Dókítà awọ ara kan máa ń wá láti Parakou sí ilé ìwòsàn wa ní Savè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó dé, mo pa ẹ̀rọ mi tì, mo gun alùpùpù zémì lọ. Obìnrin ni, kò tíì dàgbà púpọ̀. Mo na fóònù sí i, mo sì wí pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí? Ọkọ mi ní ó ń tóbi."

Ó fẹ fọ́tò náà lójú, ó sún un mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. "Màmá, ìmọ́lẹ̀ iná pupa ni wọ́n fi ya èyí. Ó ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Mi ò sì mọ bó ṣe tóbi tó, nítorí kò sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo lè fi wọ̀n ọ́n."

Ó kọ́ mi bí ọkọ mi ṣe máa yà á: kí ó fọ ẹsẹ̀ náà, kí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án, kí ó má tan iná fóònù, kí ó nu ojú kámẹ́rà, kí ó fi owó ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó ya ọ̀kan láti òkèèrè àti ọ̀kan nítòsí. Mo pè é níbẹ̀. Ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ó ṣe é. Nígbà tí àwọn fọ́tò náà wọlé, mo rí àbàwọ́n sìmẹ́ńtì lára sòkòtò rẹ̀, mo rí orúnkún rẹ̀. Ó ti rù. Mo gbójú kúrò kí dókítà má baà rí ojú mi.

Dókítà ní tirẹ̀ ń wo àmì náà. Ó fi ìka tọ́ka fún mi. "Bí ẹ bá là á sí méjì, apá kan ò jọ ìkejì. Etí rẹ̀ níhìn-ín dán, níhìn-ín ó ya jágajàga. Ẹ wò ó, dúdú wà níbẹ̀, àwọ̀ kọfí náà sì wà níbẹ̀. Nǹkan tí a máa ń wò nìyẹn. Èyí tó sì ká mi lára jù ni pé ẹ ní ó yí padà. Láti ìgbà wo?"

Ìgbà tí ọkọ mi lọ, àbíkẹ́yìn wa ṣì ń rákò. Ó ti ń lọ ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Kò sí ẹni tó wo àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn láàárín ìgbà náà, nítorí ta ló máa ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀? Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ fún un, bó ṣe wà nígbà tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ ṣeun tí ẹ rántí," ni ó wí. "Fọ́tò kò lè rántí."

Mo ní kí ó wá sọ fún mi, ṣé jẹjẹrẹ ni?

Ó fi fóònù lélẹ̀. "Màmá, mi ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ irú àmì yìí kì í ṣe nǹkan kan. Àmọ́ èyí tó burú, lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló fẹ́ràn. Fọ́tò yìí sọ fún mi pé kí a má fi falẹ̀. Kò sọ ohun tó jẹ́. Mo ní láti fọwọ́ kàn án bóyá ó le, kí n fi awò onímọ́lẹ̀ wò ó, kí n wo ìyókù ara rẹ̀, kí n yẹ òkè itan rẹ̀ wò bóyá kókó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a máa gé e, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo ẹran ara ló máa sọ òótọ́."

Bóyá ó rí i lójú mi pé kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní wọ́n ti fi fọ́tò ara ọmọ kan ránṣẹ́ sí òun rí láti Okpara, ojú ibì kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Òun rò pé làpálàpá ni. Nígbà tí ọmọ náà dé, òun ní kó dijú, òun fi òwú kàn án níbẹ̀, ọmọ náà kò mọ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni. "Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì sàn. Ṣùgbọ́n fọ́tò wo ló máa sọ fún èèyàn pé awọ kò mọ nǹkan mọ́?"

Nígbà tí mo délé, mo pe ọkọ mi. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ máa bọ̀ wálé. Dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì yẹ kó falẹ̀."

"Ṣé àwọn fọ́tò yẹn ò tó ni?"

"Wọn ò tó."

Mo ti ń ro bí a ó ṣe lọ pàdé rẹ̀, aṣọ tí àwọn ọmọ máa wọ̀. Ó wá ní, "Dókítà wà níhìn-ín náà. Bí mo bá ní mo ń bọ̀ wálé, ó máa pẹ́ kí n tó rí ọkọ̀. Ìwọ náà sọ pé kò yẹ kó falẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Mo ní kí ó lọ.

Wọ́n gé àmì náà kúrò pátápátá níbẹ̀, wọ́n fi ẹran rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Kò lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ó ń jókòó sí yàrá láti òwúrọ̀ dalẹ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń bi í léèrè.

"Ta ló ń bá yín se omi gbóná?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ta ló ń bá yín pààrọ̀ aṣọ ojú egbò?"

"Ẹnìkan tí a jọ ń gbé ilé. Ọwọ́ rẹ̀ le ju tìrẹ lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Tí mo bá ń ranṣọ, mo máa ń bá àtàǹpàkò mi tí ó ń ra igun aṣọ, bí ẹni ń wá nǹkan.

Èsì dé lẹ́yìn tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dúró mọ́. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àmì lásán ni, tó dàgbà gbágungbàgun. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí àwọn ọmọ sùn, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé kò sí ohun tó máa mú un wálé mọ́. Ayọ̀ náà kò kúrò lára mi, àmọ́ mo sunkún.

Dókítà tó gé e ní kí wọ́n máa yẹ ẹsẹ̀ méjèèjì wò fún un látìgbàdégbà. Nígbà tí egbò jiná, ọkọ mi pè, ó ní òun fẹ́ ya ojú àpá náà fún mi.

"Ẹ má yà á," ni mo wí. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà wá."

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní tí àwọn bá ti kan òrùlé ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, òun ń bọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí báyìí, àwọn ará Ofè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ń gbin àgbàdo. Mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n ti kan òrùlé.