Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀rọ Kò Gbọdọ̀ Dá Dáhùn

Ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan ni mo ń tà ní Igbó-Ọrà. Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ kó wọn n'Íbàdàn, tí màá sì pín in fún àwọn oníbàárà mi títí dé Lánlátẹ̀ àti Ayétẹ̀. Láti ìdájí ni wọ́n ti máa ń kọ̀wé sí mi lórí Wasáàpù: Èló ni? Ọjọ́ wo ló ń dé? Ṣé ẹ lè gbé e dé Ayétẹ̀? Ìbéèrè kan náà, ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí mo bá ń rokà lọ́wọ́, ọwọ́ kejì á wà lórí fóònù.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà, ló ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá yín dáhùn." Ó bá mi fi ètò kan sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn ni yóò máa wá nínú ohun tí wọ́n kọ. Bó bá ti rí "èló" tàbí "ọmọ adìyẹ", á fi iye owó àti ọjọ́ tí mo ń kó o dé ránṣẹ́, á sì ní kí wọ́n tètè san owó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi sinmi.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, mo wà n'Íbàdàn, mò ń to páálí adìyẹ sínú ọkọ̀, ni ìpè wọlé. Bàbá kan ní Lánlátẹ̀ ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ra ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Ṣé ènìyàn ni ìwọ ọmọ yìí ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ pé ọmọ adìyẹ ń kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo sọ iye tí wọ́n ń tà á fún mi, o tún ní kí n tètè san owó kó má baà tán!"

Mo ní, "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹ̀rọ ló dáhùn, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni àwọn tó kù ṣe dúró? Ṣé wọ́n fọ́n ká ni, àbí wọ́n kóra jọ?"

"Wọ́n gun ara wọn lórí ní kọ̀rọ̀ kan."

"Òtútù ló ń mú wọn." Wọ́n ní òjò ti rọ̀ mọ́jú, iná èédú inú ìkòkò tí wọ́n fi ń mú ilé adìyẹ gbóná sì ti kú. Mo ní kí wọ́n tún iná èédú dá, kí wọ́n jẹ́ kó jó pupa kí èéfín rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé e wọlé, kí wọ́n kó ìyẹ̀fun pákó tó tutù lábẹ́ wọn dànù, kí wọ́n ta tapólì sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi òkè sílẹ̀ fún atẹ́gùn. N kò gbé fóònù sílẹ̀ títí tí Bàbá fi sọ pé àwọn ọmọ adìyẹ ti ń tú ká díẹ̀díẹ̀. Mẹ́sàn-án ló kú. Àwọn tó kù yè.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí àbúrò mi yọ nǹkan náà kúrò. Ó ní, "Àǹtí, kò ṣẹ̀. Àwa la ò sọ ibi tó ti yẹ kó dákẹ́ fún un."

A jókòó tì í. Gbogbo "oníbàárà wa ọ̀wọ́n" tó wà nínú ìdáhùn ẹ̀rọ, mo pa á rẹ́. N kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́: "Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ̀rọ ló ń bá mi dáhùn báyìí. Ọjọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni adìyẹ ń dé. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ju èyí lọ, ẹ kọ 'ènìyàn', màá dá yín lóhùn fúnra mi." A wá yan àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dá dáhùn: àìsàn, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kú. Bó bá rí wọn, á kàn sọ pé òun ń pè mí, fóònù á sì han gooro. Bí mo bá sì ti dá sí ọ̀rọ̀ ẹnìkan, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ mọ́, fóònù ò sinmi. Gooro! Gooro! Mo sáré bọ́ síbẹ̀. "E ku aaro ma." Òmíràn: "E ku ise." A fi àmì sí i, a ò fi àmì sí i, "kú" ti ìkíni àti "kú" ti ikú, ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀rọ. Gbogbo ẹni tó kí mi ni ẹ̀rọ rò pé adìyẹ rẹ̀ ń kú! Èmi àti àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. A sọ ọ́ di "ti ku" àti "n ku". Àwọn tó ń béèrè bóyá adìyẹ ti ku díẹ̀ ṣì ń há sí i nígbà mìíràn, mo sì ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí wọ́n pè mí lásán ju kí wọ́n má pè mí rárá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sùn nínú ọkọ̀ láti Igbó-Ọrà dé Ìbàdàn, oorun tí n kò sùn lójú ọ̀nà yẹn rí. Nígbà tí mo jí, Bàbá Lánlátẹ̀ ti kọ̀wé ránṣẹ́, ẹ̀rọ sì ti dá wọn lóhùn. Wọ́n tún fẹ́ àádọ́ta sí i. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Ẹ̀rọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ìwọ má dìde."