Omi Pòtétò

Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá kan fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni rí i kó da omi tó fi bọ nǹkan nù. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ó ní ibẹ̀ ni adùn wà, kò sì parọ́.

Nígbà tí kíndìnrín ọkọ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti fẹ̀yìn tì, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn kọ ètò oúnjẹ fún wọn. Kí bàbá má jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó má mu ọsàn, kó jẹ ìrẹsì. Tó bá máa jẹ pòtétò, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí wọ́n sì da omi náà nù, torí pòtásíọ́mù, èròjà oúnjẹ tí kíndìnrín bàbá kò lè yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, ti yọ́ sínú rẹ̀. Ìyá kò fetí sí apá ti pòtétò. Ọmọdé wo ló fẹ́ wá kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń bọ pòtétò?

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé pòtásíọ́mù ti lọ sókè. Ìyá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: bàbá ń jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ ni. Ó sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ. Àràárọ̀ ló ń tú àpò ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ wò. Bàbá ní òun ò jẹ nǹkan kan. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà lọ sí ilé ìwòsàn, pòtásíọ́mù ti kọjá mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju nǹkan bíi márùn-ún lọ. Dókítà ní kí wọ́n dá bàbá dúró síbẹ̀, wọ́n sì so wáyà mọ́ àyà rẹ̀ láti máa wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, torí irú iye bẹ́ẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Ìyá tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Onímọ̀ oúnjẹ ní kó kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe ń se oúnjẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Mo máa ń gé pòtétò wẹ́wẹ́. Mo máa ń bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀. Màá wá ro omi rẹ̀ kúrò.”

“Ibo lẹ ń da omi yẹn sí, mà?”

Ẹnu rẹ̀ ti là kó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Inú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ bàbá, tó ń bu kún lójoojúmọ́ kí ara rẹ̀ lè le. Ojú tì í débi pé ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé e mì. Ẹni bá da eérú leérú ń tọ̀, òun tó sì da eérú yìí ti fi ọkọ rẹ̀ ṣẹlẹ́yà lójú ọmọ bíbí inú rẹ̀.

“Èmi ni,” ló wí. “Kò jí nǹkan kan jẹ. Èmi ni mò ń fún un.”

Onímọ̀ oúnjẹ ò bá a wí. Ó kàn ní kí wọ́n máa da omi náà nù láti òní lọ. Èyí ló tiẹ̀ mú kí ojú túbọ̀ ti ìyá.

Ó yíjú sí ibùsùn, ó ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó máa tó. Ọkọ rẹ̀ wò ó pẹ̀lú wáyà láyà.

“Ìyá àwọn ọmọ,” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, “ṣé o ò ní tú àpò mi mọ́?”