Epo Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀kúnwọ́ ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Oṣù rẹ̀ kò tíì pé nígbà tí wọ́n bí i, bàbá náà sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ kún, kò ṣẹ́kù. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ méjì báyìí, ara rẹ̀ sì ti gba aṣọ dáadáa, síbẹ̀ bí bàbá bá ti rí i lókèèrè, orúkọ yẹn náà ni yóò fi pè é. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n a ní ọwọ́ ta ló tún kù tí ó fẹ́ kún.

Ilé ìgbẹ̀bí kan náà ni bàbá àti ọmọ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kúnwọ́ ni ó ń tọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí, níbi tí òwú, ọṣẹ, ìbọ̀wọ́ àti epo dísẹ́ẹ̀lì wà. Bàbá rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Aláwàdà ni ó ń ṣọ́ ọ ní òwúrọ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́, wọ́n á kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí epo inú táńkì fara balẹ̀, wọ́n á ti ọ̀pá ìwọ̀n bọ̀ ọ́, wọ́n á wo ibi tí ó tutù dé. Lẹ́yìn náà wọ́n á wo aago tí ó wà lójú ẹ̀rọ, èyí tí kì í rìn àyàfi tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á kọ méjèèjì sílẹ̀, àti epo tí wọ́n bá bù kún un.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, Ẹ̀kúnwọ́ a jókòó ti ìwé náà. Yóò mú epo tí ó wà nílẹ̀, yóò ro èyí tí wọ́n bù kún un mọ́ ọn, yóò yọ èyí tí ó ṣẹ́kù kúrò. Ohun tí ẹ̀rọ mu nìyẹn. Yóò wá pín in sí iye wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́. Kì í bínú tí epo bá lọ púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí iná ìjọba kò wá, nítorí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ ló ń jẹun púpọ̀. Ìgbà tí wákàtí kò bá yí padà tí epo sì fò sókè, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wà. Jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu ju nǹkan bíi lítà mẹ́ta lọ ní wákàtí kan ti ń mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ló ṣìrò. Ó tún un ṣe. Ó fi aago ojú ẹ̀rọ wé aago ara ògiri, wọ́n ń rìn pọ̀ bí ìbejì. Ó wá ya òwúrọ̀ sọ́tọ̀, ó ya ìrọ̀lẹ́ sọ́tọ̀. Ti òwúrọ̀ kò kúrò ní lítà mẹ́ta. Ti ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó márùn-ún.

Ìrọ̀lẹ́ sì ni ti bàbá rẹ̀.

Ẹni tí ó ṣọ́ ẹ̀rọ náà ṣáájú bàbá ti ta epo rí, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì, gba orí fẹ́ǹsì ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni Mátírọ̀n, obìnrin tí ó ni àṣẹ ibẹ̀, ti sọ ọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ẹni tí epo bá dín lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì rí àlàyé ṣe, kó máa lọ sílé, òun kò ní bá a jiyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni Ẹ̀kúnwọ́ gbọ́dọ̀ gbé ìwé náà síwájú rẹ̀.

Pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá mú díẹ̀ nínú epo ìrọ̀lẹ́ kó lọ sí òwúrọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò dọ́gba, kò ní hàn pé ti bàbá nìkan ló pọ̀. Ó wo pẹ́ńsù náà títí. Ó rántí pé ẹ̀bi náà yóò kan Aláwàdà, tí ó ń bá a gbé páálí ọṣẹ wọlé láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́, tí ó máa ń ní bí òun bá kú kí wọ́n má ṣe sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ariwo rẹ̀ ti tó òun. Ó fi pẹ́ńsù sínú dúrọ́ọ̀, ó sì jáde lọ sí ilé ẹ̀rọ.

Oòrùn ń wọ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ẹ̀kúnwọ́ kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde, ó yọjú wo abẹ́ ẹ̀rọ. Ó fi ọwọ́ pa páìpù epo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Kò sí àbàwọ́n lórí sìmẹ́ǹtì. Èéfín tí ó ń jáde kò dú. Bàbá ń wò ó, kò sì bi í pé kí ló ń wá, èyí gan-an ni ó sì bà á lẹ́rù jù.

"Bàámi, epo ìrọ̀lẹ́ ti fò sókè."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí.

Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀kúnwọ́ gbójú sókè wo pátákó tí ó wà lára ògiri, níbi tí abẹ́rẹ́ kékeré kan ti ń fi hàn bí iná tí ilé ń fà ṣe wúwo tó. Ó máa ń rí abẹ́rẹ́ yìí ní òwúrọ̀ bí ó bá wá gbé epo wá, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, bí ẹni tí oorun ń kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó ti gun òkè. Ẹ̀rọ náà pàápàá ń gbin bí ẹni tí ó ru ẹrù gun òkè.

Ara Ẹ̀kúnwọ́ balẹ̀ díẹ̀. Epo tí ènìyàn jí gbé kì í gbé abẹ́rẹ́ sókè. Nǹkan kan nínú ilé ló ń jẹ ẹ́.

Ó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń wọ yàrá kan dé èkejì. Nínú yàrá àwọn ìyá tí ó ti bímọ, ó rí híítà kan lẹ́yìn kọ́tìnì, ó rí òmíràn lábẹ́ ibùsùn, wọ́n pọ́n bí ẹyin ojú ẹni tí kò sùn. Mátírọ̀n ti fi òfin de híítà láti ọjọ́ tí wáyà kan ti jó. Àwọn ìyá náà kò tilẹ̀ sá. Wọ́n ní otútù ìrọ̀lẹ́ kò dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n sì ní ti yàrá kejì wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, ta ló pa á?

Yàrá kejì ni yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ, fìlà tí wọ́n dé fún un sì ti bo ojú rẹ̀ tán. Ìyá rẹ̀ ti sùn lórí àga. Híítà kan wà nítòsí, kò sún mọ́ ọn jù. Nọ́ọ̀sì kékeré tí ó ń ṣọ́ ọmọ náà rí Ẹ̀kúnwọ́, ó sì dìde dúró síwájú híítà náà. Ó ní ẹ̀rọ tí ó yẹ kó mú ọmọ gbóná ti bàjẹ́, Mátírọ̀n ti ní kí wọ́n wá tún un ṣe, àwọn tí wọ́n ń retí kò sì tíì dé. Òun ni òun bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí òun fi híítà sí i ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn tí ń mú yàrá náà gbóná bá ti lọ. Kò mọ̀ pé àwọn ìyá yòókù yóò rí i, tí wọ́n á sì gbé tiwọn wá láti ilé.

Nígbà tí Ẹ̀kúnwọ́ padà dé ilé ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ, ìwọ ni yóò kọ ọ́, wọ́n á sì lé ọmọbìnrin yẹn." Bàbá ká àkísà ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀kan ni mo fọwọ́ sí. Mo ní ọ̀kan kò lè hàn nínú ìwé. Ìgbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ni mo mọ̀ pé híítà ti bí sí i."

"Ẹ̀yin ni wọn ì bá lé."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni bàbá wí. "Àti pé, orí yẹn, Ẹ̀kúnwọ́. Mo ti gbé irú rẹ̀ rí."

Ní ọjọ́ Ajé, Ẹ̀kúnwọ́ gbé ìwé náà síwájú Mátírọ̀n gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí, kò fi pẹ́ńsù kan ìrọ̀lẹ́ kankan. Bàbá rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, fìlà lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì kékeré sì dúró sẹ́yìn bàbá. Ó ṣàlàyé pé wákàtí kò yí padà, páìpù kò jò, abẹ́rẹ́ ló gun òkè, híítà mẹ́ta ló sì gbé e gùn. Mátírọ̀n bá wọn wí, ó sì bá wọn wí dáadáa, nítorí wáyà tí ó jó rí lè jó ọmọ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dìde, yàrá ọmọ náà ni ó lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó ní kí wọ́n kó híítà méjì yòókù kúrò, kí oníṣẹ́ iná wá wo wáyà ti ẹ̀kẹta lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì wà níbẹ̀ títí ẹ̀rọ ọmọ yóò fi dára. Ó yíjú sí bàbá. Ó ní bí òun bá tún rí nǹkan tí bàbá fi pa mọ́ fún òun, òun á gbé bàbá àti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ síta.

Aláwàdà gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé jẹnẹrétọ̀ nìkan síta.

Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀kúnwọ́ fa ìlà kan sí i nínú ìwé, kí ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ máa kọ ibi tí abẹ́rẹ́ wà àti ohun tí ó gbé e débẹ̀. Bàbá rẹ̀ kì í fẹ́ràn ìwé kíkọ, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́, gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀: "Híítà kan. Ti ọmọ." Epo ìrọ̀lẹ́ wálẹ̀ sí lítà mẹ́ta àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ a sì máa fi ìka tẹ ààbọ̀ yẹn bí ẹni tí ń pa ọmọ lórí. Kò dé yàrá náà mọ́, ó ní òun kò fẹ́ kó àìsàn bá ọmọ náà. Inú ìwé ni ó ti ń kí i.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá. Ní òpin ọ̀kan nínú wọn, ó pín epo ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan sí wákàtí rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ méjì tí ó kẹ́yìn sì jẹ́ lítà mẹ́ta. Ààbọ̀ ti lọ. Ìlà tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ nǹkan sí ṣófo fún ìrọ̀lẹ́ méjèèjì.

Ẹ̀kúnwọ́ kò pa ìwé náà dé. Kò wọ bàtà. Ó ń sáré lọ sí ilé ẹ̀rọ, nítorí bí ọmọ tí orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ bá kúrò níbi tí ó ti ń gbóná, ọ̀nà méjì ló wà.

Bàbá rẹ̀ rí ojú rẹ̀, ó sì ti mọ ohun tí ó fẹ́ bi í.

"Ó ti lọ sílé," ó sọ ọ́ kíákíá. "Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà tí wọ́n fi jáde. Mo gbàgbé láti kọ ọ́ ni."

Ẹ̀kúnwọ́ jókòó sórí àpótí, ẹ̀rín àti ẹkún jọ ń bá a jà. Bàbá jẹ́ kó sunkún tán. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú sí i, ó sì ṣí i sílẹ̀.

"Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí n gbé e," ó ní. "Ọwọ́ kan kò gbà á mọ́."