Ìgò Mẹ́jọ Láti Houston

Hannah Àkànkẹ́ Ilésanmí, tí gbogbo Mgbuoba mọ̀ sí Mama Kike, ti fi ọdún mọ́kàndínlógún bá àtọ̀gbẹ gbé. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Port Harcourt títí ọkọ rẹ̀ fi kú, títí òun náà fi fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ kò padà sí Iléṣà. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní ta ni yóò máa kan ilẹ̀kùn òun láàárọ̀ ní Iléṣà?

Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn náà ni Ibiere, aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Abuloma, tó ń ta ẹja tútù. Kó tó gbẹ́ja lọ sọ́jà, á dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Mama Kike, you don wake?" Lọ́jọ́ kan tí kò gbọ́ èsì, ó já ilẹ̀kùn wọlé, ó bá Mama Kike lórí àga, tó ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ jù. Ó po omi ṣúgà fún un, ó dì í mú títí ó fi mu ún tán. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lèèyàn ń fi sílẹ̀ kó wá lọ sí Iléṣà?

Ní 1994, ọmọ rẹ̀ Kíkẹ́lọmọ bímọ ní Houston, ìyá sì lọ wẹ ọmọ. Ó lo oṣù mẹ́ta. Nígbà tó ń bọ̀, ìgò ínsúlínì mẹ́jọ ni Kíkẹ́ rà fún un, oògùn oṣù mẹ́fà gbáko. Kì í ṣe fáàrí o. Lọ́dún tó ṣáájú, ìyá ra ìgò kan ní Port Harcourt, ní ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ń gún un, ṣúgà ń gòkè, ó ń gún un, ṣúgà ń gòkè, kó tó di pé wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀, ikú sì fojú kàn án.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra tibẹ̀ yẹn mọ́," ni Kíkẹ́ wí, omi lójú. "Ẹ ṣáà gbé eléyìí délé."

Ó wá kó ìgò mẹ́jọ sínú fúláàsìkì ẹlẹ́nu fífẹ̀, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé wọn kí yìnyín tó wà lábẹ́ má fara kàn wọ́n. Ìgò kẹsàn-án, èyí tí ìyá ń lò lọ́wọ́, wà nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀ nínú áńkáṣíìfù tútù, pẹ̀lú abẹ́rẹ́, míta tó ń wo ṣúgà, agolo sítíríìpù tí wọ́n dé pinpin, bisikíìtì, àti lẹ́tà dókítà.

Gbólóhùn kan wà tí Mama Kike gbé kiri ju báàgì lọ: "Ẹ má jẹ́ kó dì." Ínsúlínì kò fẹ́ ooru, àmọ́ ó tún kórìíra kó dì. Bó bá ti di yìnyín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán nìyẹn. Bó tilẹ̀ yọ́ padà, èèyàn kò lè gbójú lé e mọ́.

Ó sọ ọ́ ní pápákọ̀ Houston, níbi tí báàgì ti gba inú ẹ̀rọ kọjá tí wọ́n sì ní kó ṣí fúláàsìkì. Ó sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ inú bààlúù, ọmọbìnrin ẹlẹ́rìn-ín, tó fẹ́ bá a gbé e sínú yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú ọtí. "Rárá o, ọmọ mi, á dì." Ó gbé e sábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Aago méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti Houston lọ́wọ́ òsì, ti Nàìjíríà lọ́wọ́ ọ̀tún, tó fi wákàtí mẹ́fà ṣíwájú. Bí bààlúù bá kọjú sí ìlà oòrùn, ọjọ́ á kúrú, abẹ́rẹ́ kan á súnmọ́ èkejì jù. Dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó dín ti alẹ́ kù. Nítorí náà, ó ń gún ìka rẹ̀, ó ń kán ẹ̀jẹ̀ sórí sítíríìpù, ó ń dúró de nọ́ńbà, nígbà tí àwọn èèyàn ń hanrun lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Kò sùn. Ní London, ó tọrọ yìnyín, ó pààrọ̀ èyí tó ti yọ́, ó sì tún sọ ọ́.

Ní Èkó, ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù tú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì.

"Mama, wetin be all this? Na drug?"

"Oògùn mi ni."

Ó ka lẹ́tà, ó yí i, ó tún un kà, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kò tètè dé. Mama Kike fi ọwọ́ méjèèjì bo fúláàsìkì bí ẹni bo ọmọ tuntun. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀: ooru kò dára, kó dì kò dára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Wọ́n ní kó máa lọ. Bààlúù Port Harcourt tún pẹ́. Nígbà tó fi dé Mgbuoba ní aago méjì ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ibiere ti ń dúró. Kò sí iná láti ọjọ́ mẹ́rin, fíríìjì ti gbóná. Ó gbé kúlà ẹja rẹ̀, tó ti fọ̀ mọ́ tónítóní, wá, yìnyín kún inú ẹ̀.

"I know say light no dey. I bring ice."

"Ibiere, Ọlọ́run á bù kún ẹ." Ó na fúláàsìkì sí i. "Abeg, make e cold." Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ó fi orí lé ìrọ̀rí, oorun gbé e lọ.

Ó jí ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, nígbà tí aago ọwọ́ ọ̀tún sọ pé abẹ́rẹ́ tó gún. Ó ṣí kúlà. Fúláàsìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣófo. Àwọn ìgò wà láàárín yìnyín, yìnyín lábẹ́, yìnyín lókè, iyọ̀ wínníwínní lára rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń to ẹja tí wọ́n ò fẹ́ kó rà dọ́jọ́ kejì. Iyọ̀ yẹn ló ń mú kí yìnyín tutù ju yìnyín lásán lọ. Ó mú ìgò kan, ó mì ín. Omi inú rẹ̀ kò mì. Ó mú èkejì, ẹ̀kẹta. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti le gbagidi.

Háà! Inú bí i. Ó bí i gan-an, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó fẹ́ figbe ta. Àmọ́ ta ni yóò bá wí? Ó sọ ọ́ fún àjèjì ní Houston, ó sọ ọ́ ní London, ó sọ ọ́ fún ọ̀gá oníyúnífọ́ọ̀mù ní Èkó. Ẹni kan ṣoṣo láàárín wọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni kò sọ ọ́ fún.

Ibiere wọlé, ó ń nu ọwọ́ méjèèjì tí yìnyín ti mú kó pọ́n.

"Three times I change the ice! I put salt, the way my mama teach me. E cold well?"

"E cold," Mama Kike wí. "E cold well well. Thank you, my sister."

Ó jókòó. Ó gún ìka, ó wo nọ́ńbà. Ó yọ ìgò kẹsàn-án nínú áńkáṣíìfù, ó gbé e sí ojú fèrèsé kó lè rí ibi tó kù sí. Ọ̀sẹ̀ méjì, bí kò bá fi ṣòfò. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣọ́ọ̀bù inú oòrùn. Ó yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó fà á sínú abẹ́rẹ́.

Ibiere ń wò ó.

"Ah-ah, Mama Kike. Why you no take from the ones wey I guard?"

Ó gbé ojú sókè wo Ibiere, ó wo ọwọ́ pípọ́n yẹn. Lọ́la ni yóò sọ ọ́, tí ọ̀rọ̀ bá ti padà sẹ́nu rẹ̀.

"Make this one finish first," ló wí.