Àwọ̀ Ewé Bàbá Fìríìjì

Ìyá Pátákó ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, nítorí pé òun ló ń tọ́jú pátákó orí kọ̀ǹpútà tó ń fi iye àpò ẹ̀jẹ̀ tó wà ní kílíníìkì kọ̀ọ̀kan hàn. Ní ìdájí gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni pátákó yìí máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Kílíníìkì tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé á ní àwọ̀ ewé, èyí tí tirẹ̀ kò pé á pupa, orúkọ ẹni tó fi iye ránṣẹ́ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà kì í jókòó láì kọ́kọ́ kí àwọn orúkọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kí ará ilé. Akọ̀wé tí wọ́n jọ ń lo yàrá ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi sú òun alára.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Fìríìjì," ló wí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bàbá Fìríìjì ló ń ṣọ́ fìríìjì ẹ̀jẹ̀ ní kílíníìkì orí òkè. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ló rántí pé wọ́n ti sin bàbá náà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àti pé òun fúnra òun wà níbi ìsìnkú.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Àpò mẹ́fà ni pátákó kọ, Bàbá Fìríìjì ló fi ránṣẹ́. Ó ṣí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: àpò mẹ́fà, Bàbá Fìríìjì. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ náà, bákan náà ni.

"Ṣé ó ṣì ń wá síṣẹ́ ni?" Akọ̀wé bi í, ó sì rọra gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, tó bá dé, ẹ sọ fún un pé mi ò sí nílé."

Ìyá Pátákó kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń rọbí láàárọ̀ yẹn. Nígbà ọmọ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá wà ni kó bímọ sí. Ìyá Pátákó fúnra rẹ̀ ló wo pátákó, tó sì sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Orí òkè ni kó o lọ, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ níbẹ̀."

Ó ṣí ìwé àlàyé ṣókí tí ẹni tó ṣe pátákó náà kọ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó mọ apá òkè ibẹ̀ dunjú. Kílíníìkì kọ̀ọ̀kan á fi fáìlì rẹ̀ sínú fódà kan ní Sọ́ńdè, kọ̀ǹpútà á kó wọn jọ ní ìdájí Mọ́ńdè. Bí àkọlé òkè fáìlì bá yí padà, dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá ti parí àkókò rẹ̀, gba tuntun. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kò kà rí: "Bí fáìlì kílíníìkì kan kò bá dé, a ó lo èyí tó dé kẹ́yìn, kí pátákó má baà pupa, kí àwọn ọ̀gá má baà pariwo."

Ó tẹ kílíníìkì orí òkè láago. Agogo náà dún pẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé bàbá náà ló ń dìde bọ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ló gbé e.

"Fìríìjì kẹ̀? Ó ti kú, mà. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ò sí mọ́, kò sẹ́ni tó tún fi nǹkan ránṣẹ́. Wọ́n ti da gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà nù."

Ó pe ọkọ àbúrò rẹ̀, tó ti ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí orí òkè. "Ẹ yà, ẹ má gun òkè yẹn! Ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ pé—"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Yà."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan tó tún lè ṣe fún àbúrò rẹ̀ ju kó máa retí ìpè. Ó yọ àṣẹ tó ń lo fáìlì àtijọ́ kúrò, ó ní kí pátákó tún ara rẹ̀ ṣe. Ó ń wò ó bí orúkọ Bàbá Fìríìjì ṣe parẹ́, tí àyè rẹ̀ sì pupa. Ó dùn ún bíi pé wọ́n tún ń sin bàbá náà lẹ́ẹ̀kejì.

Pátákó kò dúró níbẹ̀. Òmíràn pupa, òmíràn tún pupa, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ti kí láàárọ̀. Akọ̀wé kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Fóònù dún. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ni, omijé wà lóhùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó bí i. Ẹ̀jẹ̀ dà gan-an, àmọ́ wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ fà sí i lára. Àwọn méjèèjì wà láàyè."

Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Ó pa gbólóhùn ìsàlẹ̀ inú ìwé náà rẹ́, ó kọ òmíràn rọ́pò rẹ̀: "Bí fáìlì kò bá dé, jẹ́ kó pupa, kó o sì pe èèyàn níbẹ̀." Ó wá gbé fóònù, ó tẹ nọ́ńbà kílíníìkì pupa tó tẹ̀ lé e.

Ó dún títí. Kò sẹ́ni tó gbé e.